Ọ̀rọ̀ ìṣíde ìdíje Wọ́ọ̀tì tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, ipò yìí ló sì sọ mí di ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣíde níbi ìdíje Wọ́ọ̀tì tí a fi ń kówó jọ fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti ṣe ìdíje náà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́dún àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú 19, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, bàbá alága wa sì bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo káre; ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ariwo ti sọ nídìí tábìlì méjì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta lójú gbogbo èrò, ìyá kan tó fún wa ní àpò ìrẹsì sì ti bínú gba ilé lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́dún kejì kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tí mo yọ kúrò nínú ti àkọ́kọ́ àti ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìjà ọjọ́ náà ti wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu mi kí ẹnikẹ́ni tó pín káàdì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú eré tí Wọ́ọ̀tì jẹ́, kí ó lè yé yín bí ó ṣe ń dá ìjà sílẹ̀. Eré káàdì ni: káàdì kọ̀ọ̀kan ní àwòrán àti nọ́ńbà, ẹni tó kàn sì ń ta èyí tí àwòrán tàbí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti orí tábìlì mu, títí ẹnì kan yóò fi tán káàdì ọwọ́ rẹ̀. Òyìnbó kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Henry Storey, ló ṣe é jáde, ọdún 1935 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó di ti wa pátápátá. Ìwé òfin tó máa ń wà nínú páálí káàdì kì í pẹ́ sọnù, nítorí náà ẹnu ẹ̀gbọ́n ni àbúrò ti ń kọ́ ọ, agbo ilé kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀ tí ó gbà pé òun ni òfin gbogbo ayé. Ẹni tó dàgbà ní Òkè-Àdó lè bá ẹni tó dàgbà ní Abẹ́òkúta ta Wọ́ọ̀tì fún wákàtí kan kí wọ́n tó mọ̀ pé eré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ń ta. Nínú ilé, ẹ̀rín ni a fi ń parí irú rẹ̀. Níbi tí ènìyàn 48 ti san ₦2,000 kọ̀ọ̀kan, tí ife ẹ̀yẹ sì wà lórí tábìlì, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Ètò wa rọrùn. Ènìyàn mẹ́rin ló ń jókòó sí tábìlì kan, tábìlì 12 ni a tò, a sì ń pín káàdì mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìpele mẹ́ta ni gbogbo ènìyàn ń ta, wọ́n sì ń pààrọ̀ tábìlì lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ti tán káàdì ọwọ́ rẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù yóò ka iye tó wà lára káàdì ọwọ́ wọn, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbèsè. Àwọn mẹ́rin tí gbèsè wọn kéré jù lọ lẹ́yìn ìpele kẹta ló ń lọ sí àṣekágbá.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ìyá kan àti bàbá kan parí ìpele kejì pẹ̀lú gbèsè 62 lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìpele kẹta parí, tí àyè kan ṣoṣo sì kù fún àṣekágbá, ìràwọ̀ 8 àti róbótó 3 ló kù lọ́wọ́ ìyá náà. Onígun-mẹ́rin 13 àti àgbélébùú 1 ló kù lọ́wọ́ bàbá. Ìyá ka tirẹ̀: ó jẹ́ 11. Bàbá ka tirẹ̀: ó jẹ́ 14. Ìyá ti dìde, ó ti ń jó, kí bàbá tó sọ pé ìlọ́po méjì ni a máa ń ka ìràwọ̀, pé 8 yẹn kì í ṣe 8 bí kò ṣe 16, àti pé 19 ni gbèsè ìyá. Bí a bá ka ìràwọ̀ ní ìlọ́po méjì, ìyá ní 81, bàbá ní 76, bàbá ló ń lọ sí àṣekágbá. Bí a kò bá kà á bẹ́ẹ̀, ìyá ní 73, òun ló ń lọ. Àwọn méjèèjì ò ṣe màgòmágó kankan. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kọ́ láti kékeré ló ń sọ, èmi tí mo sì ti gbẹ́nu sókè fún ìṣẹ́jú 19 kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìràwọ̀. Rẹfirí wa wò mí lójú, mo wo ilẹ̀.

Bí èyí ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni ti tábìlì kejì bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ju 2 sílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ mú káàdì méjì lọ́jà, ìyẹn àkójọ káàdì tí a kò pín. Ẹni náà kò lọ sọ́jà, òun náà ju 2 mìíràn lé e. Ẹni kẹta ní òun kò ní mú ju méjì lọ, ẹni kẹrin ní mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ mú nítorí pé méjì ti gun méjì, ẹni àkọ́kọ́ sì ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa, kò sí ẹni tó lè fi 2 gba 2 rárá. Òfin mẹ́ta lórí tábìlì kan! Mo ti rí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, n kò sì lè sọ pé ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe Wọ́ọ̀tì.

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló dùn mí jù. Lórí tábìlì tirẹ̀, ẹnì kan kíyè sí i pé káàdì oní-20 mẹ́rin péré ni òun ti rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń ta, bẹ́ẹ̀ márùn-ún ló yẹ kó wà. Wọ́n ka káàdì, ó jẹ́ 53 dípò 54. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló ń borí, nítorí náà òun ni ojú gbogbo ènìyàn yíjú sí, ó sì tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta kí wọ́n tó sọ fún un. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju owó ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ilé lọ. A kò mọ̀ bóyá 53 ni káàdì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó kà á kí a tó pín in. Lọ́dún kejì, èmi fúnra mi lọ sílé rẹ̀ láti pè é. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi lómi, kò wá.

Ní ti ìyá onírẹsì, ẹ̀bi tèmi nìkan ni. Mo fi bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ọ̀rọ̀ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onígbọ̀wọ́, mo ka oyè wọn láti òkè dé ilẹ̀, mo yìn wọ́n pé wọ́n jẹ́ òpómúléró àdúgbò. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ìwé, mo rí i pé gbogbo ènìyàn ti ń wo ago, mo wá sọ pé "àti àwọn yòókù tí àyè kò gbà wá láti dárúkọ." Ìyá náà wà nínú àwọn yòókù. Ìrẹsì rẹ̀ sì ni gbogbo wa ń gbóòórùn lórí iná lẹ́yìn gbọ̀ngàn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kẹta, ó gbà, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé: "Akọ̀wé, ẹ pe oyè àwọn tó fún yín ní àga tí wọ́n jókòó lé lórí, ẹ kò pe orúkọ oúnjẹ tí ẹ jẹ." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ènìyàn ṣe ló yẹ kí ọpẹ́ gùn lé. Oyè kì í tán, ó sì máa ń ti ẹlòmíràn jáde.

Nígbà tí ọdún kejì ń bọ̀, bàbá alága ní kí n fi ọ̀rọ̀ òfin sílẹ̀ fún rẹfirí, kí n máa dúpẹ́ kí n sì gbàdúrà ní tèmi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi gbà bẹ́ẹ̀. Bí rẹfirí bá máa sọ òfin ní tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀méjìlá ni yóò sọ ọ́, kò sì ní bá ara mu lẹ́ẹ̀méjèèjìlá. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà tí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ ni yóò sọ ọ́, ẹni tí òfin náà bá pa lára yóò ní nítorí òun ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìgbà kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn 48 máa ń dákẹ́ pa pọ̀ lọ́jọ́ náà, tí kò sì tíì sí ẹni tó mọ káàdì tí yóò bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ìgbà ọ̀rọ̀ ìṣíde nìyẹn. Òfin tí a bá kéde nígbà tí kò sí ẹni tó ní èrè tàbí àdánù nínú rẹ̀ ni kì í ní ọ̀tá.

Mo gba odidi ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹfirí, a sì jókòó ka gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn máa ń jà lé lórí. Ó lé ní mẹ́wàá. A mọ̀ pé bí mo bá sọ mẹ́wàá, wọn kò ní rántí ọ̀kan, nítorí náà mẹ́ta tó ti dá ìjà sílẹ̀ rí ni mo mú, a sì lẹ ìyókù mọ́ ara ògiri. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyí, mo yọ orúkọ àwọn ènìyàn kúrò:

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin olùdíje, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àbọ̀ sí ìdíje Wọ́ọ̀tì ẹgbẹ́ wa. Owó tí olùdíje 48 san jẹ́ ₦96,000. Káfíńtà ń gba ₦8,000 iṣẹ́ ọwọ́ lórí tábìlì ìkàwé kan pẹ̀lú bẹ́ǹṣì rẹ̀ tí ọmọ mẹ́ta lè jókòó sí. Méjìlá ni owó yìí yóò ṣe, ọmọ 36 ni yóò sì kúrò lórí ilẹ̀.

"Kì bá tí ṣeé ṣe bí kì í bá ṣe ti àwọn onígbọ̀wọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta pákó ní Bódìjà, ẹ̀yin lẹ fún wa ní gbogbo pákó. Bí a bá ní kí á rà á, méjìlá yìí kì bá tó mẹ́rin. Ìyá wa onírẹsì, ẹ̀yin lẹ ń bọ́ gbogbo wa lónìí, bí ti èṣí. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹ̀yin lẹ ra páálí káàdì tuntun 13, tí ẹ sì tẹ ìwé tí a ó máa kọ gbèsè sí. Ẹ̀yin tí ẹ ni gbọ̀ngàn, ẹ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àwọn onígbọ̀wọ́ wa ti bá wa fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní dá sí ìdájọ́ kankan, ìbáà jẹ́ ọmọ àwọn ló ń ta.

"Ẹ̀yin olùdíje, mo mọ̀ pé ọ̀ta ni yín, òpè kì í sanwó wá síbí. Mo sì mọ̀ pé òfin ilé kálukú yàtọ̀. Lónìí, ilé kan ni gbogbo wa, mẹ́ta nínú òfin ilé náà nìyí. Èkíní: bí wọ́n bá ju 2 tàbí 5 fún yín, ẹ kò lè fi òmíràn gbà á, ẹ mú méjì fún 2, ẹ mú mẹ́ta fún 5, kí ẹ sì jẹ́ kí eré máa lọ. Èkejì: ìlọ́po méjì ni a ó máa ka ìràwọ̀, ìràwọ̀ 7 jẹ́ gbèsè 14. Ẹ̀kẹta: bí káàdì yín bá ku ẹyọ kan, ẹ sọ ọ́ sókè kí ẹni tó kàn tó ta, ẹni tí kò bá sọ ọ́ yóò mú méjì lọ́jà.

"Kí ẹ tó pín káàdì, ẹ kà á pa pọ̀. Róbótó 12, onígun-mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun-mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, 20 márùn-ún. Ó jẹ́ 54. Bí ìpele bá parí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dìde títí a ó fi tún ka 54. Bí kò bá pé, a kò ní yẹ ara ẹnikẹ́ni wò. A ó fagi lé ìpele náà, a ó sì gbé káàdì tuntun wá.

"Bí ọkọ, aya, ọmọ ìyá tàbí ọ̀rẹ́ yín bá wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú yín, ẹ sọ fún rẹfirí nísinsìnyí, a ó yí àyè padà. Kò sí tẹ́tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣú yín lójú, ẹ da káàdì bolẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè, rẹfirí nìkan ni yóò fọhùn. Ẹ pín káàdì."

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn kan bi mí léèrè, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya. Wọn rò pé mò ń bú wọn. Àmọ́ ẹni tó bá mọ Wọ́ọ̀tì mọ̀ pé 20 ni ìlẹ̀kùn òjóró. Ẹni tó ju 20 sílẹ̀ ló ń sọ irú àwòrán tí ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ ta, nítorí náà bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ku káàdì kan, tí ó sì ti fọwọ́ kan etí lásán, o lè pe ìràwọ̀ fún un kí ó parí. Ojú kò lè rí irú èyí dáadáa. Ohun tí rẹfirí lè fi fura ni pé ẹnì kan ń pe àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ kò ní lọ́wọ́, a ó sì rí i nígbà tí a bá ń ka gbèsè rẹ̀. Àmọ́ ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ọ̀ta gidi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi tan ẹlòmíràn. Ohun tó rọrùn jù ni kí a má jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, tọkọtaya mẹ́ta àti ìbejì kan na ọwọ́ sókè pẹ̀lú ẹ̀rín, a pààrọ̀ àyè wọn láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ pé àwọn onígbọ̀wọ́ kò ní dá sí ìdájọ́ pẹ̀lú kò wá láti orí afẹ́fẹ́. Mo kọ́kọ́ lọ bá wọn nílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹni tó fún ọ ní pákó lọ́fẹ̀ẹ́ kò yẹ kó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín èrò. Ẹnì kan nínú wọn ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń ta, òun ló sì dùn mọ́ jù, ó ní bí ọmọ náà bá borí láìsí gbólóhùn yìí, ìpàkó ni wọn yóò máa fi kí òun.

N kò sọ pé ohun gbogbo lọ geere. Mo gbàgbé láti sọ iye àkókò tí ìpele kan gbọ́dọ̀ gbà, tábìlì kan sì wà tí wọ́n ń ronú lórí káàdì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yan ìyàwó, tí tábìlì 11 yòókù ń dúró dè wọ́n. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹn ni yóò rọ́pò òfin ẹ̀kẹta, nítorí pé kò sí ẹni tó gbàgbé láti kéde káàdì tó kẹ́yìn mọ́.

Lẹ́yìn ìpele kejì, rẹfirí na ọwọ́ sí mi láti ìdí tábìlì kẹrin. Wọ́n ti ka káàdì, ó jẹ́ 53. Mo rìn lọ síbẹ̀, àyà mi ń já. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì jókòó síbi tí wọ́n wà, ọwọ́ wọn wà lórí tábìlì, ẹni tó ń borí nínú wọn sì ni ó ń to káàdì náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: róbótó 12, onígun-mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun-mẹ́rin 8. Ó mú páálí, ó gbọ̀n ọ́n, onígun-mẹ́rin 10 bọ́ láti inú ìdérí rẹ̀, ibi tí ó ti lẹ̀ mọ́ látàárọ̀. Wọ́n ti kà á kí wọ́n tó pín in, ẹni tó kà á sì jẹ́wọ́ pé òun sáré kà á. A fagi lé ìpele náà fún tábìlì wọn bí mo ṣe sọ, ẹni tó ń borí pàdánù èrè rẹ̀, ó sì tún káàdì pò fúnra rẹ̀.